Ìwé Bàjẹ́, Àwòrán Ṣẹ́kù: Bí A Ṣe Ń Ka Iye Owó Lára Òpó Ṣáàtì

Òjò ọdún tó kọjá ló ba ìwé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àdúgbò wa n'Ìbàdàn jẹ́. Páànù ilé tí àpótí ìwé wà ló lu, omi sì ń kán sínú àpótí náà fún odindi ọ̀sẹ̀ kan kí ẹnikẹ́ni tó fura. Nígbà tí Màmá Akápò máa fi ṣí i, ojú ewé ti lẹ̀ mọ́ ara wọn, tádàwà búlúù ti ṣàn pọ̀ débi pé a ò dá orúkọ mọ̀ yàtọ̀ sí owó. Kọ̀ǹpútà tí akọ̀wé ń lò nígbà náà ti kú. Ohun kan ṣoṣo tó ṣẹ́kù ni àwòrán kan lórí Wasáàpù: ṣáàtì tí akọ̀wé yà fún ìpàdé ìdajì ọdún, tó fi owó tí ẹgbẹ́ gbà láti oṣù Ṣẹ́rẹ́ dé Òkúdu hàn. Òpó búlúù mẹ́fà dúró lórí ìlà kan, márùn-ún ga, ọ̀kan kúrú bí àpótí ìjókòó. Kò sí iye owó kankan lórí òpó wọ̀nyí. Ẹ̀gbẹ́ òsì nìkan ni wọ́n kọ 0, 100, 200 títí dé 500 sí, pẹ̀lú ọ̀rọ̀ pé ẹgbẹ̀rún náírà ni.

"Ọmọ mi," ni Màmá wí, "ṣé a lè rí owó wa nínú fọ́tò yìí?"

Mo ní a ó rí i, àmọ́ a ò ní rí i tán. Màmá wò mí bí ẹni pé mo fẹ́ bẹ̀rẹ̀ òwe.

Ohun tí mo ní lọ́kàn ò le. Ẹni tó ya ṣáàtì olópòó, èyí tí wọ́n ń pè ní báà ṣáàtì nílé ìwé, mú iye owó, ó sọ ọ́ di gíga. Bí owó bá pọ̀, òpó á ga. Bí owó bá dín, òpó á kúrú. Àwa tí ìwé wa bàjẹ́ fẹ́ gba ọ̀nà náà padà: ká mú gíga, ká sọ ọ́ di owó. Ọ̀nà àlọ kì í ta nǹkan dànù púpọ̀, ọ̀nà àbọ̀ ló ń ta á. Nígbà tí akọ̀wé tẹ iye owó sínú kọ̀ǹpútà, ó tẹ̀ ẹ́ pé pérépéré. Nígbà tí kọ̀ǹpútà yà á, ó ní láti fi òpó náà sí ibi tí àmì kéékèèké ojú fóònù gbà á láyè. Lẹ́yìn náà ni Wasáàpù fún àwòrán náà pọ̀ kó lè fò kíákíá, tí etí gbogbo nǹkan inú rẹ̀ sì di bàìbàì. Ohun tó dànù lójú ọ̀nà yẹn, kò sí ọgbọ́n tó lè kó o padà. Iṣẹ́ wa ni ká kó èyí tó kù, ká sì sọ bí èyí tó dànù ṣe tó.

William Playfair, ọmọ Skọ́tílándì, ló kọ́kọ́ tẹ irú ṣáàtì yìí jáde, nínú ìwé kan ní 1786. Ó fi òpó àdùbúlẹ̀ ṣàfihàn ọjà tí Skọ́tílándì kó wọlé àti èyí tí wọ́n kó jáde láàárín Kérésìmesì 1780 sí Kérésìmesì 1781, pẹ̀lú ibi 17 tí wọ́n ń bá dòwò. Ohun tó dùn mọ́ mi níbẹ̀ ni pé àìní ló bí i. Fún àwọn orílẹ̀-èdè yòókù inú ìwé rẹ̀, ó ní àkọsílẹ̀ ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ń fi ìlà tó ń gòkè sọ̀kalẹ̀ yà wọ́n. Ọdún kan ṣoṣo ló rí fún Skọ́tílándì, ìlà ò sì lè jáde nínú ọdún kan. Ló bá fi òpó dípò. Láti ìgbà náà ni òpó ti gbòde, ti àwọn èèyàn sì ń já iye tó bí i dànù, wọ́n á pa òpó mọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká wọn owó ẹgbẹ́ wa.

Bí ẹ bá fẹ àwòrán orí fóònù títí ó fi fẹ́ ya, ẹ ó rí i pé òkúta kéékèèké onígun mẹ́rin bí iyẹ̀pẹ̀ aláwọ̀ ló pọ̀ lára rẹ̀. Píksẹ́lì nìyẹn. Píksẹ́lì tò ní ìlà-ìlà bí ebè oko, ìlà àkọ́kọ́ wà lókè pátápátá, a sì ń ka iye wọn lọ sísàlẹ̀. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ibẹ̀ ni ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ ti máa ń dojú rẹ̀ dé: ohun tó wà lókè ló ní nọ́ńbà kékeré. Mo ṣí àwòrán wa nínú `Paint` lórí kọ̀ǹpútà. Bí mo bá ti gbé atọ́ka sórí ibì kan, nọ́ńbà méjì á jáde nísàlẹ̀: ti àkọ́kọ́ ń sọ bí ó ṣe jìnnà sí etí òsì, ti èkejì ń sọ ebè tó wà láti òkè. Ti èkejì nìkan la nílò.

Ohun méjì la gbọ́dọ̀ mọ̀ kí òpó kankan tó ní ìtumọ̀: ebè tí 0 wà, àti ebè tí iye ńlá kan tí a dájú wà. Mo mú 500 nítorí pé bí méjèèjì bá ṣe jìnnà síra tó ni àṣìṣe ọwọ́ ṣe máa kéré tó. Ìlà 500 wà ní ebè 92. Fún 0, mo wo ìsàlẹ̀ ṣáàtì, mo rí ìlà dúdú kan tó nípọn, ebè 620. Mo kọ ọ́ sílẹ̀. Ìlà náà ni mo sì fi ṣàṣìṣe.

Bí mo ṣe mọ̀ nìyí. Ṣáàtì náà ní ìlà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ fún 100, 200, 300 àti 400 pẹ̀lú, mi ò sì tíì lò wọ́n. Bí 0 bá wà ní 620, tí 500 wà ní 92, ebè 528 ló wà láàárín wọn. 200 jẹ́ ìdá méjì nínú márùn-ún, nítorí náà ó yẹ kó fi bí ebè 211 ga ju 0 lọ, ìyẹn ni ebè 409. Mo gbé atọ́ka lọ síbẹ̀, mi ò rí ìlà. Ebè 404 ni ìlà 200 wà. Ebè márùn-ún kì í ṣe ọ̀rọ̀ ọwọ́ tó gbọ̀n. Mo fẹ àwòrán náà sí i, mo wá rí i pé ìlà dúdú tó nípọn yẹn, férémù tí wọ́n fi yí ṣáàtì ká ni. Ìlà 0 gan-an wà lókè rẹ̀ díẹ̀, àwọ̀ eérú, ebè 612, orí rẹ̀ sì ni ẹsẹ̀ òpó gbogbo dúró sí. Nígbà tí mo tún un ṣírò, 200 bọ́ sí 404 gẹ́lẹ́.

Ẹ wo ohun tí ìlà tí mo ṣì mú yẹn ìbá ṣe. Òpó Ẹ̀bibi, tó ga jù, ìbá fi bíi ₦1,200 lé, kò sí ẹni tó máa mọ̀. Òpó Òkúdu, kúkúrú yẹn, ìbá fi bíi ₦7,000 lé lórí owó tí kò tó ₦30,000. Bí ẹsẹ̀ ìwọ̀n bá yẹ̀, òpó kúkúrú ló ń jẹ ẹ́ jù. Ìdí nìyẹn tí mi ò fi gba ẹnikẹ́ni gbọ́ tó bá lo ìlà méjì péré láì fi ìkẹta yẹ̀ ẹ́ wò. Ìlà méjì á máa bá ara wọn mu nígbà gbogbo, ìkẹta ló ń jẹ́rìí.

Ìlà ìkẹta yìí náà ló ń tú àṣírí irú ṣáàtì kan tí gíga rẹ̀ kì í lọ déédéé, níbi tí wọ́n kọ 1, 10, 100, 1,000 sí àyè tó dọ́gba. Bí ẹ bá rí irú rẹ̀, ìṣirò tó wà nínú àpilẹ̀kọ yìí ò bá a mu.

Ní báyìí, ebè 520 ló wà láàárín 0 àti ₦500,000. Bí a bá pín in, ebè kan jẹ́ bíi ₦962. Nọ́ńbà yẹn ni kí ẹ fi pamọ́, torí òun ni owó tó kéré jù tí àwòrán yìí lè rí. Ohunkóhun tó bá kéré sí i, àwòrán ò mọ̀ ọ́n. Bí akọ̀wé bá gba ₦254,500 tàbí ₦254,900, òpó kan náà ni kọ̀ǹpútà máa yà fún un.

Orí òpó Ṣẹ́rẹ́ wà ní ebè 347. Láti 347 dé 612 jẹ́ ebè 265. Ẹ sọ ọ́ di owó, ₦254,808 ló jáde. Bí ẹ bá fẹ́ kí kọ̀ǹpútà ṣe é fún òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà, tí ebè orí òpó sì wà nínú àpótí B2, ohun tí ẹ máa tẹ̀ nìyí:

```
=(612-B2)/(612-92)*500000
```

Ibi tí ọ̀pọ̀ èèyàn ti ń parí iṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n á kọ ₦254,808, wọ́n á fà á fún akápò, akápò á sì gbà pé láti inú ìwé ni wọ́n ti rí i, torí pé ẹni tó fojú bu nǹkan kì í sọ pé ₦808. Irọ́ tí kò sí ẹni tó pa á nìyẹn. Mo mọ ọkùnrin kan tó lo ẹ̀rọ `WebPlotDigitizer`, èyí tí Ankit Rohatgi ṣe fún irú iṣẹ́ yìí gan-an. Ẹ̀rọ tó dáa ni: ẹ tẹ ibi tí 0 wà, ẹ tẹ ibi tí 500 wà, ẹ tẹ orí òpó kọ̀ọ̀kan, yóò bá yín ṣírò. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà tó ń tú jáde gùn rẹrẹẹrẹ lẹ́yìn àmì ìdá, ọkùnrin yìí sì dà gbogbo rẹ̀ kọ sínú àbọ̀ ìwádìí rẹ̀. Ó ní bí òun ṣe rí i lòun ṣe kọ ọ́. Bẹ́ẹ̀ ọwọ́ òun fúnra rẹ̀ ló tẹ orí òpó, ọwọ́ náà ò sì lè dúró lójú kan títí dé ibi tí nọ́ńbà yẹn ń sọ.

Kí ló wá tó àyè tí ọwọ́ lè yẹ̀ sí? Ẹ padà wá sórí òpó Ṣẹ́rẹ́ pẹ̀lú mi. Nígbà tí mo fẹ ẹ́ dáadáa, orí rẹ̀ ò gé bí ẹni fọ̀bẹ gé e. Ebè 349 jẹ́ búlúù gidi. 348 ti ń ṣá. 347 dà bí búlúù tí wọ́n bu omi mọ́. 346 fẹ́rẹ̀ẹ́ funfun, 345 funfun báláú. Ọ̀rọ̀ kóńgò ọjà ni: nígbà tí ìyá oníẹ̀wà bá wọn ẹ̀wà tán, ṣé etí kóńgò ni ìwọ̀n parí sí, àbí ṣóńṣó òkítì tó lé lórí? Ohun tó bójú mu ni ká mú àárín, 347, ká sì gbà pé a lè fi ebè méjì yẹ̀ sókè tàbí sísàlẹ̀. Ohun tó ṣe pàtàkì jù ni pé ibi kan náà lẹ gbọ́dọ̀ máa mú lórí gbogbo òpó. Ẹni tó bá mú àárín lórí òpó kan, tó mú etí búlúù lórí òmíràn, ti ń ta ọjà pẹ̀lú kóńgò méjì.

Mi ò fi ojú nìkan gba ebè méjì yẹn. Mo ka òpó gbogbo lálẹ́ ọjọ́ kan, mo pa ìwé dé, mo tún kà wọ́n láàárọ̀ ọjọ́ kejì láì wo ti àná. Lẹ́yìn náà mo ní kí ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin kà wọ́n, mi ò sì sọ ohun tí mo rí fún un. Fún Ṣẹ́rẹ́, a rí 347, 346 àti 348. Fún Ẹrẹ̀nà, 231, 233 àti 230. Fún Ẹ̀bibi, 172, 172 àti 173. Kò sí òpó kankan tí ẹni tó kà á sókè jù fi ju ebè mẹ́ta lọ sí ẹni tó kà á sísàlẹ̀ jù. Ebè méjì lọ́tùn-ún lósì jẹ́ bíi ₦1,900. Ẹ rántí pé ìlà 0 àti ìlà 500 náà, ojú ló kà wọ́n, ebè kọ̀ọ̀kan lè yẹ̀ lára wọn. Mo wá sọ gbogbo rẹ̀ di ₦3,000. Mo fi díẹ̀ lé e, torí ó sàn kí n sọ pé mi ò dájú tó kí n tó sọ pé mo dájú jù.

Àtẹ tí mo gbé fún Màmá Akápò nìyí, iye kọ̀ọ̀kan ti bọ́ sí ẹgbẹ̀rún tó súnmọ́ ọn jù:

| Oṣù | Ebè orí òpó | Owó (nǹkan bíi) | Kò ṣeé ṣe kó kéré sí | Kò ṣeé ṣe kó ju |
|---|---|---|---|---|
| Ṣẹ́rẹ́ | 347 | ₦255,000 | ₦252,000 | ₦258,000 |
| Èrèlè | 318 | ₦283,000 | ₦280,000 | ₦286,000 |
| Ẹrẹ̀nà | 231 | ₦366,000 | ₦363,000 | ₦369,000 |
| Ìgbé | 315 | ₦286,000 | ₦283,000 | ₦289,000 |
| Ẹ̀bibi | 172 | ₦423,000 | ₦420,000 | ₦426,000 |
| Òkúdu | 583 | ₦28,000 | ₦25,000 | ₦31,000 |

Lábẹ́ rẹ̀ mo kọ ọ́ pé: "Láti inú àwòrán Wasáàpù ni a ti fojú bù wọ́n, kì í ṣe láti inú ìwé. Ìlà 0 wà ní ebè 612, ìlà 500 ní ebè 92. Ènìyàn méjì ló kà á, ẹ̀ẹ̀mẹta. Iye kọ̀ọ̀kan lè fi ₦3,000 lé tàbí kó fi dín." Ẹnikẹ́ni tó bá ní àwòrán kan náà lè lọ yẹ̀ ẹ́ wò. Mo fi ebè orí òpó sílẹ̀ nínú àtẹ fún ìdí yẹn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé akọ̀wé ní ó ń dí òun lójú.

Ẹ wo ₦3,000 yẹn dáadáa. Kan náà ni fún gbogbo òpó, torí pé ojú kan náà ló ka orí òpó gíga àti orí òpó kúkúrú. Ṣùgbọ́n lórí Ẹ̀bibi, kò tó náírà kan nínú ọgọ́rùn-ún. Lórí Òkúdu, ó ju náírà mẹ́wàá lọ nínú ọgọ́rùn-ún. Ẹni tó bá wá kọ ọ́ sísàlẹ̀ àtẹ pé "àṣìṣe wa ò ju ìdá kan nínú ọgọ́rùn-ún" ti ṣe òótọ́ fún òpó gíga, ó ti pa irọ́ fún òpó kúkúrú. Nínú owó gan-an ni kí ẹ sọ ọ́.

Ibi tí ìjà ti fẹ́ bẹ̀rẹ̀ nínú ìpàdé ni Èrèlè àti Ìgbé. Bàbá kan ló gba owó ní Èrèlè, ìyá kan ló gbà á ní Ìgbé, àwàdà ti wà láàárín àwọn méjèèjì tipẹ́ nípa ta ló mọ owó gbà jù. Bí ìyá ṣe rí 286 níwájú 283, ó dìde.

"Ẹ ṣé mo wí! Ẹ wò ó níbẹ̀!"

"Ẹ jọ̀ọ́ mà, ẹ jókòó ná," ni mo wí. "Ebè mẹ́ta ló wà láàárín yín. Ojú tó kà yín lè fi ebè méjì yẹ̀ lórí ẹni kọ̀ọ̀kan."

"Ìyẹn ni pé bàbá yìí ló gbà jù?"

"Èmi ò sọ bẹ́ẹ̀, mà. Àwòrán yìí ò lè dá a."

Bàbá náà rẹ́rìn-ín, ó ní àwòrán mọ ẹjọ́ dá ju Alága lọ. Òótọ́ ọ̀rọ̀ ni pé bí mo bá fẹ́ ta ayò lé e, Ìgbé ni mo máa mú. Àmọ́ ká ta ayò yàtọ̀ sí ká kọ ọ́ sínú ìwé ẹgbẹ́. Fún Ẹrẹ̀nà àti Ìgbé, ebè 84 ló wà láàárín wọn, kò sí ẹni tó lè jiyàn pé Ẹrẹ̀nà kọ́ ló pọ̀ jù.

Alága béèrè ọ̀rọ̀ kan tó mọ́gbọ́n wá. Ó ní gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ ló ń san owó ní ẹgbẹ̀ta ó dín ọgọ́rùn-ún, ìyẹn ₦500, ₦1,000, ₦1,500 bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Ṣé a ò lè mú èyí tó bá súnmọ́ jù nínú ₦500-₦500 yẹn, kó di owó gidi? Ó wù mí, àmọ́ ẹ ka iye tó wà láàárín ₦252,000 àti ₦258,000 ní ₦500-₦500: mẹ́tàlá ni. Bí mo bá mú ọ̀kan nínú mẹ́tàlá, mo kàn fi aṣọ iyì wọ ìfojúbù ni. Bí ó bá jẹ́ pé iye èèyàn tó wá sípàdé ni òpó ń sọ, tí orí ìlà tó ga jù sì jẹ́ 20, ẹnì kan ì bá gba ebè 26 lórí irú ṣáàtì yìí. Ojú tó fi ebè méjì yẹ̀ ò lè ṣì ẹnì kan mú níbẹ̀. À bá ka iye èèyàn padà pé pérépéré, láì sí "nǹkan bíi" kankan. Ohun tó yàtọ̀ ni bí ìṣísẹ̀ nǹkan tí a ń kà ṣe tóbi tó níwájú àṣìṣe ojú wa.

Lẹ́yìn ìpàdé ni Màmá rántí pé báǹkì lè tẹ àkọsílẹ̀ owó tó wọlé fún wa. Báǹkì ò mọ oṣù tí ẹgbẹ́ gba owó, torí pé Màmá máa ń kó oṣù méjì-mẹ́ta jọ kó tó lọ san án, ṣùgbọ́n ó mọ àpapọ̀: ₦1,643,200. Tiwa, bí ẹ bá ro òpó mẹ́fẹ̀ẹ̀fà pọ̀, jẹ́ ₦1,641,000. Gbogbo ilé pàtẹ́wọ́.

Èmi náà pa á, àmọ́ ẹ jẹ́ kí n sọ ohun tí èyí fi hàn àti ohun tí kò fi hàn. Àṣìṣe méjì ló wà nínú iṣẹ́ yìí. Ọ̀kan ni ti ojú tó ń yẹ̀ lórí òpó kọ̀ọ̀kan: ó lè gbé ọ̀kan sókè, kó tẹ òmíràn mọ́lẹ̀, bí ẹ bá sì ro wọ́n pọ̀, díẹ̀ nínú wọn á pa ara wọn. Nítorí náà àpapọ̀ òpó mẹ́fà kì í fi ₦18,000 yẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mẹ́fà lọ́nà ₦3,000 nìyẹn. Àwọn onímọ̀ ìṣirò máa ń mú nọ́ńbà tó jẹ́ pé bí a bá fi í lọ́po ara rẹ̀ á di mẹ́fà, ìyẹn bíi 2.45, wọ́n á fi lọ́po ₦3,000, ó di bíi ₦7,300. Àṣìṣe kejì ni ti ìwọ̀n fúnra rẹ̀, irú èyí tí mo fẹ́ ṣe pẹ̀lú férémù. Ìyẹn kì í pa ara rẹ̀, ọ̀nà kan náà ló ń ti gbogbo òpó sí. Ká ní mo fi 620 ṣe 0 ni, àpapọ̀ wa ìbá jẹ́ bíi ₦1,661,000, ó fi nǹkan bíi ₦17,800 ju ti báǹkì lọ. Ká sì ní mo ti fi ₦18,000 ṣe àyè àṣìṣe, mi ò bá sọ pé ó bá a mu, kí n sì máa lọ sílé. Àyè tó fẹ̀ jù ìbá ti bo àṣìṣe náà mọ́lẹ̀.

Nítorí náà owó báǹkì jẹ́rìí pé ìwọ̀n wa ò yẹ̀. Kò jẹ́rìí sí òpó kankan lọ́tọ̀ọ̀tọ̀. Ó ṣì ṣeé ṣe kí Èrèlè fi ₦2,000 dín, kí Ìgbé fi ₦2,000 lé, kí àpapọ̀ má sì mọ nǹkan kan.

Ṣáàtì tiwa rọrùn, òpó kan fún oṣù kan. Èyí tó ń fìyà jẹni ni ti òpó tó lé òpó lórí, kí wọ́n fi búlúù ṣe owó àjọ sísàlẹ̀, kí wọ́n fi pupa ṣe owó ìtanràn lé e lórí. Búlúù ní ẹsẹ̀ tó dúró lórí 0. Pupa ò ní ẹsẹ̀ tirẹ̀, orí búlúù ló dúró lé, nítorí náà ẹ gbọ́dọ̀ ka orí búlúù àti orí pupa kí ẹ tó yọ ọ̀kan nínú èkejì, ojú sì lè yẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Owó ìtanràn sì sábà máa ń kéré. Àṣìṣe tó pọ̀ sí i lórí owó tó kéré: mo ti rí ibi tí ₦5,000 ti di ₦9,000 lọ́nà bẹ́ẹ̀.

Fọ́tò tí wọ́n yà lára ògiri náà ní tirẹ̀. Bí ẹni tó yà á bá dúró lápá ọ̀tún, òpó apá ọ̀tún á ga ju bó ṣe yẹ lọ, torí pé ó súnmọ́ ọn. Bí ẹ ṣe máa mọ̀ ni pé kí ẹ wo ìlà 500 lápá òsì, ẹ tún wò ó lápá ọ̀tún. Bí ebè wọn bá yàtọ̀, ìwọ̀n kan ò tó. Ẹ wá ibi tí 0 àti 500 wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ òpó kọ̀ọ̀kan, kí ẹ sì ṣírò ọ̀kọ̀ọ̀kan lọ́tọ̀. Ti ṣáàtì tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ò bẹ̀rẹ̀ láti 0 kò burú tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ojú nìkan ló ń tàn jẹ. Ẹni tó bá wá ìlà méjì tí wọ́n kọ iye sí, tó ṣírò láti ibẹ̀, kò ní ṣìnà, kó ṣáà má gbà pé ìsàlẹ̀ ni 0.

Àwọn oníṣègùn tó ń kó àbọ̀ ìwádìí jọ mọ iṣẹ́ yìí ju ẹnikẹ́ni lọ, torí pé ọ̀pọ̀ àbọ̀ ìwádìí ló ní ṣáàtì láì ní àtẹ. Lórí òpó tiwọn, ẹ máa ń rí igi tẹ́ẹ́rẹ́ kan tó yọ lókè bí ìwo. Ẹni tí kò mọ̀ á rò pé àyè àṣìṣe tí a ń sọ bọ̀ nìyẹn. Òun kọ́. Ìwo yẹn lè máa sọ bí àwọn aláìsàn ṣe yàtọ̀ síra wọn, ó sì lè máa sọ bí àròpín wọn ṣe dájú tó, méjèèjì ò sì dọ́gba rárá: bí aláìsàn bá jẹ́ 25, ti àkọ́kọ́ gùn ní ìlọ́po márùn-ún ju ti èkejì. Ojú ò lè mọ̀ ọ́n lára àwòrán. Ọ̀rọ̀ tí wọ́n kọ sábẹ́ ṣáàtì nìkan ló lè sọ ọ́, bí wọn ò bá sì kọ ọ́, ẹ kọ ọ́ sínú àtẹ yín pé wọn ò sọ ọ́.

Màmá Akápò ti ra ìwé tuntun báyìí, aláwọ̀ ewé, ó sì ń gbé e sínú ike. Ó da àtẹ wa kọ sí ojú ewé àkọ́kọ́, pẹ̀lú "nǹkan bíi" níwájú iye mẹ́fẹ̀ẹ̀fà. Akọ̀wé ní kó yọ ọ̀rọ̀ yẹn, pé ó ń ba ìwé jẹ́. Màmá ní òjò ló ba ìwé jẹ́.

Ní nǹkan bí oṣù méjì lẹ́yìn náà, ọmọ rẹ̀ rí ìwé rìsíìtì kan lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ti Ẹrẹ̀nà nìkan, ó pé. Wọ́n ro ó: ₦368,500. Ó pè mí lórí fóònù kó tó kọ ọ́.

"Mélòó la sọ?"

"₦366,000, mà. Kò ṣeé ṣe kó ju ₦369,000."

Ó dákẹ́ díẹ̀, mo ń gbọ́ bó ṣe ń ṣí ìwé.

"Ó kù díẹ̀ kó jáde nínú ọgbà," ló wí. Ó fi bírò fagi lé "nǹkan bíi" níwájú Ẹrẹ̀nà, ó fi márùn-ún tó kù sílẹ̀.